Ìbéèrè Tí Mo Ń Bi Ìyá Ìbejì

Olùkọ́ Faransé ni mí. Ní Ìgbó-Ọrà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ná, kó tó béèrè ohun tí àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ fẹ́ fi Faransé ṣe. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni níléèwé girama, èmi náà kò rí èsì gidi fún wọn. Àwọn ọmọ a máa ké "bonjour" tẹ̀lé mi lójú ọ̀nà, ibẹ̀ náà ni Faransé wọn parí sí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá mi nílé. Àwọn èèyàn ń wá ọ̀nà Kánádà, wọ́n sì ti gbọ́ pé apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Faransé ni wọ́n ń sọ, pé ẹni tó bá yege nínú ìdánwò Faransé, ọ̀nà rẹ̀ á tètè là. Mo gbé pátákó kọ́ sí ògiri pálọ̀ mi, mo to àga díẹ̀, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa bọ̀.

Kí n tètè sọ ọ́ pé n kì í ṣe olùkọ́ tó rọ̀. Ẹnu mi mú, mi ò sì ní sùúrù fún ọ̀lẹ. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní, òun ni mo sì fi ń yangàn: ní pálọ̀ tèmi, a kì í fi irọ́ kọ́ Faransé. Ìwé á ní kí o sọ pé Paris lò ń gbé, pé o ní ológbò mẹ́ta, pé orí òkè oníyìnyín lo ti lo ìsinmi. Mo ní rárá o. Bí mo bá bi ọ́ níbi tí o ti ń bọ̀, ibi tí o ti ń bọ̀ gan-an ni kí o sọ. Bó bá jẹ́ oko ẹ̀gúsí ni, sọ oko ẹ̀gúsí. Ohun tó bá ti inú ayé èèyàn wá kì í tètè kúrò lórí rẹ̀, mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún kan ni nọ́ọ̀sì kan láti Ìdèrè wá bá mi. Ìyá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní Kánádà láti ọdún méjì, níbi tó ti ń kó ẹrù sínú páálí. Bí obìnrin yìí bá gba máàkì tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò náà, òun àti ọmọ á lọ bá a. Bí kò bá gbà á, wọ́n á tún máa dúró. Ó ti dúró tó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó níwájú mi, ó sọ fún mi pé òun ti ń gbàgbé bí ẹsẹ̀ ọkọ òun ṣe máa ń dún tó bá ń wọlé, pé ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù jù.

Kò wá lófìfo. Kútọnu ni bàbá rẹ̀ ti ṣòwò nígbà tó wà lọ́mọdé, etí rẹ̀ sì ti mọ Faransé dáadáa. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bó bá ti dárúkọ nǹkan, kò ní yé dárúkọ rẹ̀. Á ní òun lọ sọ́jà, òun ra tòmátì lọ́jà, òun fi tòmátì tí òun rà lọ́jà se ọbẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, olùdánwò á ti sùn kí ọbẹ̀ yìí tó jinná o." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Mo kọ lẹ́tà kan sójú pátákó: y. Mo kọ méjì sábẹ́ rẹ̀: en. Mo sọ fún un pé àwọn tó ni Faransé kì í fẹ́ tún orúkọ ibì kan pè tí wọ́n bá ti pè é tẹ́lẹ̀. Bí mo bá bi ọ́ pé ṣé o lọ sí Èrúwà, má ṣe dárúkọ Èrúwà fún mi mọ́. Fi y dípò rẹ̀, kí o fi í síwájú ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí o ṣe: J'y suis allée. Bó bá sì jẹ́ iye nǹkan ni a ń sọ, en ló ń gba ipò nǹkan náà. Ṣùgbọ́n en kì í gbé iye lọ. Iye á dúró sẹ́yìn, níbi tó wà. Iṣu mélòó lo rà? J'en ai acheté cinq. Iṣu ti wọnú en, márùn-ún ṣì wà nílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i.

Ohun tó máa ń da àwọn tó ti gbọ́ Faransé díẹ̀ láàmú ni pé en tún ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ibì kan bá jẹ́ ibi tí èèyàn ń lọ tàbí ibi tó wà, y ni. Bó bá jẹ́ ibi tí èèyàn ti ń bọ̀, en ni. Mò ń lọ sí Èrúwà, j'y vais. Èrúwà ni mo ti ń bọ̀, j'en viens. Ìyẹn ni Ìyá Ìbejì kò tètè mú. Bó bá ń lọ, ó ń lọ dáadáa. Bó bá kan kó padà wálé, á rú u lójú, á fi y síbi tí en yẹ kó wà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Ọ̀kadà á já a sẹ́nu ọ̀nà, á bọ́ bàtà, á kí mi, á jókòó. A ti ka iṣu àti gààrí tán, mo ti mú un rìn dé Igangan àti Ìbàdàn lórí àga. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí kò sí olùdánwò tí kì í béèrè ẹbí. Mo bojú wò ó bí àlejò tí kò mọ̀ ọ́n rí, mo bi í pé:

"Vous avez combien d'enfants?"

Ọmọ mélòó lẹ ní? Ó wò mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo rò pé ohun tó dá a dúró nìyẹn, mo sì fi ọwọ́ gbá tábìlì. Mo ní, "Wọ́n ń kà á lọ́hùn-ún o. Bí o kò bá kà á, wọ́n á ní o ò gbọ́ ìbéèrè."

Ó wo ojú fèrèsé. Ó ní, "J'en ai deux."

Inú mi dùn. En wà níbi tó yẹ, iye dúró sẹ́yìn. Mo bi í bóyá àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan wà ní Ìdèrè, èkejì wà ní Èkó. Mo bi í láti ìgbà wo. Ó ní, "Elle y est depuis trois ans." Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Èyí náà tọ̀nà, mo sì fi ẹfun sàmì ìgbóríyìn sójú pátákó fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo wá bi í ìgbà wo ló máa ti ibẹ̀ dé. Ó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. Kí ni èmi rò? Mo rò pé en tó ń padà bọ̀ wálé ló tún sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo dìde, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀, ibi tí a ń lọ, ibi tí a ti ń bọ̀. Mo ní kó tẹ̀ lé mi: "Elle n'en est pas encore revenue." Kò tíì ti ibẹ̀ dé. Ó sọ ọ́. Mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n tó bá dé ìparí, mo sì rò pé ahọ́n ni kò gba ọ̀rọ̀ náà. Mo mú un sọ ọ́ títí tí kò fi gbọ̀n mọ́.

Láti ọjọ́ náà, òun ni mo fi ń ṣí ẹnu rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mélòó? Èkejì ńkọ́? Ṣé ó ti dé? Mo tilẹ̀ fi kún un. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó máa ń lọ wò ó lọ́hùn-ún. Ó ní, "Je n'y vais jamais." N kì í lọ síbẹ̀ rárá. Mo bọ́ sórí Yorùbá, mo bú u. Mo ní, "Ojú rẹ mà le o, Ìyá Ìbejì. Ọdún mẹ́ta! Ọmọ tí o bí! Kí ló jìn ní Èkó?" Ó ní kí n má bínú. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Ìgbó-Ọrà ni mò ń gbé, ìlú tó jẹ́ pé bí o bá ju òkúta sínú agboolé, ìbejì ni yóò bà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń fi gbólóhùn kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún, á dé ìgbà kan tí kò ní gbọ́ ohun tí gbólóhùn ń sọ mọ́. Bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà nìkan ni etí mi ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan wá, Ìyá Ìbejì kò yọjú. Mo pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo gun ọ̀kadà, mo forí lé Ìdèrè láti lọ wo ohun tó dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo bá níta, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ó ní ibà ló ń ṣe ọmọ, pé ìyá rẹ̀ lọ gba oògùn, ṣùgbọ́n ara ọmọ ti ń yá. Mo yọjú wo ọmọ náà lórí ẹní nínú yàrá. Ọmọdébìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ọmọ ọdún méje. Ó kí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ife ògì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Ọ̀kan ti dé ìdajì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan èkejì. Súwẹ́tà tuntun méjì gbé ara lé ara lórí àpótí, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, pẹ̀lú bàtà méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá. Ẹrù Kánádà ni, mo mọ̀ ọ́n. Mo jáde padà sọ́dọ̀ màmá, ẹnu mi tí kì í dákẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ó dà bíi pé èkejì ti fẹ́ ti Èkó dé nìyẹn o."

Màmá fi ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, ọdún mélòó lẹ ti wà nílùú?"

Mo ní ó ti lé lọ́gbọ̀n.

"Ẹ sì ń bi mí?"

Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Mo bá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó re Èkó, tàbí ó re ọjà. Ohun tí a bá ṣe fún èyí tó kù, a óò ṣe é fún èkejì, aṣọ, oúnjẹ, bàtà.

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "A ò gbọdọ̀ fẹnu sọ ọ́. Èyí tó kù wà nínú yàrá yẹn, etí ẹ̀ ń bẹ ńlẹ̀. Tó bá gbọ́ pé ẹnì kejì òun ti lọ pátápátá, á ní kí lòun náà ń dúró ṣe? Bí ibà bá ti mú un báyìí, oorun kì í kùn wá." Ó tún mú ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú pé mo sọ̀rọ̀ sí yín bẹ́ẹ̀."

N kò dúró de Ìyá Ìbejì. Mo padà sílé, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ka iye ọjọ́ tí mo ti ní kó sọ pé ọmọ náà kò tíì dé, mo sì tún rántí pé mo bú u pé kì í lọ wò ó.

Nígbà tó padà wá síbi ẹ̀kọ́, mo ti nu pátákó mọ́ féfé. Mo ti pinnu pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti oúnjẹ la ó máa sọ títí ọjọ́ ìdánwò. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n kò mọ̀ ni, pé kó dárí jì mí.

Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí, Mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń béèrè ẹ̀. Látìgbà tó ti lọ, gbogbo ilé ń yẹra fún orúkọ ẹ̀ níwájú mi. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni mo ti ń gbọ́ kí ẹnì kan ní, 'Èkejì ńkọ́?' Nígbà míì, lórí ọ̀kadà, ara mi á ti máa wà lọ́nà fún un."

Ó mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn wà. Ọmọ kan ni ọkọ òun kọ sínú ìwé tó fi béèrè fún wọn, nítorí àwọn òyìnbó kò mọ ọ̀rọ̀ Èkó. Bí wọ́n bá bi òun lọ́jọ́ ìdánwò, tí òun ní méjì, wọ́n á béèrè èkejì, òun kò sì fẹ́ jókòó síwájú àlejò kí òun máa purọ́ nípa ọmọ òun. Ó ní òun ò sì fẹ́ sọ pé ọ̀kan ni òun bí, nítorí ìyẹn gan-an ni irọ́ tó burú jù.

"Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ọ́, Mà. Èmi ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ ò gbọ́ Faransé."

Mo sọ fún un pé kò pọn dandan, pé olùdánwò lè má tilẹ̀ béèrè. Ó rán mi létí pé èmi ni mo sọ fún un pé kò sí olùdánwò tí kì í béèrè ẹbí. Ó tún rán mi létí òfin mi. Òfin mi tí mo fi ń yangàn.

Mo mú ẹfun. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. J'en avais deux. Mo ní méjì tẹ́lẹ̀. Il m'en reste une. Ó ku ọ̀kan fún mi. Mo ṣe iṣẹ́ mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní ọ̀rọ̀ tó dúró fún ìwọ fúnra rẹ ló ń ṣáájú, en á tẹ̀ lé e. Mo ní une ló máa jẹ́, kì í ṣe un, nítorí obìnrin ni ọmọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó dìde, ó lọ ti fèrèsé méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú, tí ọmọ náà sì wà ní Ìdèrè. Ó padà wá jókòó, ó ní kí n bi òun.

"Vous avez combien d'enfants?"

Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "J'en avais deux," ó ní. "Il m'en reste une."

Lẹ́yìn náà ó wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo olùkọ́. Ó ní, "Ṣé mo gbà á, Mà?"

Mo ní ó gbà á. Mo ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ìgbà náà ló wá dorí kodò sórí tábìlì, tó bú sẹ́kún, ẹkún tí mo rò pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Kí n tó mọ̀, ó ti nu ojú, ó ní kí n tún bi òun, nítorí òun ò lè sunkún níwájú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Títí di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣì máa ń lọ tilẹ̀kùn àti fèrèsé kó tó sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò ti nǹkan kan mọ́, ohùn rẹ̀ sì ti dúró pátápátá. Mo rí i nígbà náà pé ó ti rù, mo sì bi í bóyá ó ń jẹun. Ó ní ife ògì kan ṣoṣo ni òun ń bù fún ọmọ láàárọ̀ báyìí, òun kì í bù ti èkejì mọ́. Ó ní ìyá ọkọ òun ti rí i, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é. Mo jókòó ti fóònù láti àárọ̀, n kò lè jẹun. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Alásárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, ó pè.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, báwo ló ṣe lọ?"

Ó ní ó dára. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ni wọ́n fún òun sọ, bóyá ó yẹ kí ìjọba lé mọ́tò kúrò láàárín ìlú. Ó ní òun sọ̀rọ̀ dáadáa, y wà níbi tó yẹ, en wà níbi tó yẹ, olùdánwò ń mi orí, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé òun ti gbà á. Mo pariwo, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní Kánádà ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò bá mi yọ̀. Mo ń gbọ́ ariwo ọmọ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní gáréèjì.

Mo ní, "Wọ́n béèrè ọmọ ńkọ́?"

"Wọn ò bi mí, Mà. Wọn ò bi mí léèrè ọmọ rárá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa ẹnu mọ́ kọ́mọ mi lè wà ní Èkó. Mo ti wá fẹnu ara mi sin ín, Mà, wọn ò sì bi mí."

Mo ń pè é, mo ń ní pẹ̀lẹ́. Ó ní bọ́ọ̀sì Èrúwà ti fẹ́ kún, pé òun á pè mí tóun bá délé.